Bí Nọ́ńbà Ṣe Ń Pín Ara Wọn sí Agbo

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Nàìjíríà gba òmìnira, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Ẹ jẹ́ ká fún ọjọ́ náà ní nọ́ńbà 0. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e yóò jẹ́ 1, Ọjọ́ Ajé yóò jẹ́ 2, a ó sì máa kà á lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró. Àwọn ọjọ́ tó ti kọjá kí òmìnira tó dé náà yóò ní nọ́ńbà tiwọn: Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ −1, Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìyẹn jẹ́ −2. Bí a ṣe ṣe é yìí, kò sí ọjọ́ kan, yálà èyí tó ti lọ tàbí èyí tó ń bọ̀, tí kò ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Ní ti nọ́ńbà, wọn kò lópin, síwájú ni o, sẹ́yìn ni o. Síbẹ̀, orúkọ méje péré ni a ní fún ọjọ́, orúkọ méje yìí sì tó gbogbo wọn. Kò sí ọjọ́ kankan tí kò ní orúkọ, kò sì sí èyí tó ń jẹ́ Ajé tó tún ń jẹ́ Ìṣẹ́gun. Àkójọ tí kò lópin ti pín sí agbo méje, agbo kọ̀ọ̀kan dá dúró, ọmọ agbo kan kò sì sí nínú agbo mìíràn. Ohun tí ojú wa ti mọ́ ni, ìdí nìyí tí a kì í fi í béèrè ohun tó fà á. Ohun tó fà á gan-an ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò, nítorí kì í ṣe pé ọ̀sẹ̀ ní agbára kan lọ́tọ̀. Òfin kékeré mẹ́ta ló wà nídìí rẹ̀, ibikíbi tí òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì ti jọ wà, irú ìpín báyìí ò ní ṣàì wáyé.

Ká kọ́kọ́ sọ ìgbà tí nọ́ńbà méjì máa ń bá ara wọn tan lójú ọ̀sẹ̀. Wọ́n bá ara wọn tan bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn bá ṣeé pín sí ọ̀nà 7 láìṣẹ́kù. 3 bá 10 tan, torí pé bí a bá yọ 3 kúrò nínú 10, 7 ló kù. 3 bá 80 tan pẹ̀lú, torí pé 77 ni ìyàtọ̀ wọn, 77 sì jẹ́ 7 lọ́nà 11. 5 bá −2 tan, torí pé láti −2 dé 5, ìṣísẹ̀ méje ni. Ṣùgbọ́n 3 kò bá 11 tan: 8 ni ìyàtọ̀ wọn, bí a bá sì pín 8 sí ọ̀nà 7, 1 yóò ṣẹ́kù.

Carl Friedrich Gauss, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló fún ìbátan yìí ní àmì tirẹ̀ nínú ìwé ńlá kan tó gbé jáde ní ọdún 1801, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 24. Ìlà méjì ni gbogbo ayé fi ń kọ ìdọ́gba. Gauss fa ìlà kẹta kún un, ó sì ń kọ ọ́ báyìí:

10 ≡ 3 (mod 7)

Ohun tí èyí ń sọ ni pé 10 bá 3 tan ní módúlò 7. Nọ́ńbà 7 tí a fi ń pín ìyàtọ̀ náà ni a ó máa pè ní òṣùwọ̀n. Mo fẹ́ràn àmì yìí púpọ̀, nítorí ó jọ àmì ìdọ́gba tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó rí i yóò fi máa retí pé kó ṣe bí ìdọ́gba. Gauss mọ̀ọ́mọ̀ fi ìjọra náà sílẹ̀ ni, a ó sì rí i pé ó tọ̀nà, dé ààyè kan.

Ó yá, òfin mẹ́ta náà rèé. Èkíní ni pé gbogbo nọ́ńbà ló bá ara rẹ̀ tan. Bí a bá yọ 10 kúrò nínú 10, 0 ló kù, 0 sì ṣeé pín sí ọ̀nà 7 láìṣẹ́kù ohunkóhun. Òfin yìí lè dà bí ohun tí kò yẹ kéèyàn fi ẹnu sọ, àmọ́ a máa tó rí iṣẹ́ tó ń ṣe. Èkejì ni pé ìbátan náà kì í ṣe ti apá kan: bí 3 bá bá 10 tan, 10 náà bá 3 tan. Bí a bá yí ìyọkúrò padà, 7 kàn di −7 ni, èyí tí 7 ṣì pín láìṣẹ́kù. Ẹ̀kẹta ni pé ìbátan máa ń kọjá láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn: bí 3 bá bá 10 tan, tí 10 sì bá 80 tan, dandan ni kí 3 bá 80 tan. Láti 3 dé 10 jẹ́ 7, láti 10 dé 80 jẹ́ 70, àpapọ̀ wọn jẹ́ 77. Bí a bá ro ohun tí 7 pín láìṣẹ́kù pọ̀ mọ́ ohun mìíràn tí 7 pín láìṣẹ́kù, 7 yóò pín àpapọ̀ náà láìṣẹ́kù.

Ìbátan tó bá pa òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ni à ń pè ní ìbátan ìdọ́gba. Àgbà òfin inú wọn ni ẹ̀kẹta, òun náà ló sì máa ń tètè bàjẹ́.

Wàyí o, ẹ mú nọ́ńbà kan, ẹ pe gbogbo àwọn tó bá a tan jọ. Ohun tí ẹ pè jọ yẹn ni agbo rẹ̀. Agbo 3 ní 3, 10, 17, 24 nínú, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ síwájú. Ó sì ní −4, −11, −18 nínú lápá ẹ̀yìn. Nínú ìkà wa, agbo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo nọ́ńbà, yóò kọ́kọ́ dà bí ẹni pé a ní agbo tí kò níye, torí pé agbo 3 wà, agbo 10 wà, agbo 17 náà wà. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ṣé agbo méjì lè fẹnu kora, kí wọ́n ní ọmọ kan pọ̀, síbẹ̀ kí wọ́n má jẹ́ ọ̀kan náà?

Kò ṣeé ṣe, ìdí rẹ̀ kò sì gùn. Ká ní agbo A àti agbo B ní ọmọ kan pọ̀, ká pè é ní D. A bá D tan, torí pé inú agbo A ni D wà. B náà bá D tan. Òfin kejì jẹ́ ká yí èyí kejì padà, ká ní D bá B tan. Ní báyìí, A bá D tan, D bá B tan, òfin kẹta sì sọ pé A bá B tan. Tí èyí bá ti dúró, ẹ mú ọmọ agbo B èyíkéyìí, ká pè é ní E. A bá B tan, B bá E tan, nítorí náà A bá E tan, E sì ti wọ agbo A nìyẹn. Bí gbogbo ọmọ agbo B ṣe máa wọ agbo A nìyẹn, bí a bá sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìhà kejì, gbogbo ọmọ agbo A ni yóò wọ agbo B. Agbo kan ṣoṣo ni wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ méjì ni a kàn fi ń pè é.

Ọmọ kan ṣoṣo péré tí agbo méjì bá ní pọ̀ ti tó láti sọ wọ́n di ọ̀kan. Wọn ò lè pàdé létí kí wọ́n sì yà ní àárín. Yálà wọ́n jẹ́ ọ̀kan pátápátá, tàbí kí wọ́n má ní ohunkóhun pọ̀. Ní ti pé kí nọ́ńbà kan má bọ́ síta, òfin kìíní tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ fojú rénà ló ṣe ìyẹn: níwọ̀n bí olúkúlùkù ti bá ara rẹ̀ tan, olúkúlùkù wà nínú agbo ara rẹ̀ ó kéré tán. Ẹ wò ó pé a kò fẹnu kan 7 rárá nínú àlàyé yìí. A kò tilẹ̀ mẹ́nu ba nọ́ńbà. Òfin mẹ́ta yẹn nìkan ló ṣiṣẹ́.

Ibi tí 7 ti wọlé ni iye agbo. Bí ẹ bá pín nọ́ńbà èyíkéyìí sí ọ̀nà 7, ohun tó máa ṣẹ́kù kò lè ju 0, 1, 2, 3, 4, 5 tàbí 6 lọ, nọ́ńbà náà sì bá ohun tó ṣẹ́kù yẹn tan. Nítorí náà, kò sí agbo tí kò ní ọ̀kan nínú àwọn méje yìí. Àwọn méje yìí fúnra wọn kò sì bá ara wọn tan, torí pé ìyàtọ̀ tó tóbi jù láàárín wọn ni 6. Agbo méje géérégé ni, kò lé, kò dín. Bó bá jẹ́ 12 ni òṣùwọ̀n, bíi ti aago ara ògiri, agbo méjìlá ni ìbá jẹ́.

Kí ó lè yé wa pé òfin kẹta kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ ká wo ìbátan mìíràn tó jọ eléyìí lójú. Ká ní a sọ pé nọ́ńbà méjì bá ara wọn tan bí nọ́ńbà kan tó ju 1 lọ bá wà tó pín àwọn méjèèjì láìṣẹ́kù. Láti 2 lọ sókè ni ká ti kà. Òfin kìíní dúró: 6 pín 6. Òfin kejì dúró. Wàyí o, 2 bá 6 tan, torí pé 2 pín wọn méjèèjì. 6 bá 3 tan, torí pé 3 pín wọn méjèèjì. Ṣé 2 bá 3 tan? Rárá, kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, 6 wà nínú agbo 2, ó wà nínú agbo 3, agbo méjèèjì kò sì jẹ́ ọ̀kan. Bí ọmọ ṣe máa ń wà nínú ẹbí bàbá àti ẹbí ìyá lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn, tí àbúrò bàbá kò sì bá àbúrò ìyá tan rárá. Irú ìbátan báyìí wúlò, ó sì níyì, àmọ́ kò lè pín àkójọ sí agbo tó dá dúró. Bí ẹ bá pàdé ìbátan tuntun tí ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá yóò pín nǹkan, ẹ wá ẹni tó dúró láàárín bíi 6 yìí, tó fọwọ́ ọ̀tún di ọ̀kan mú, tó fọwọ́ òsì di òmíràn mú. Bí irú rẹ̀ bá wà, ìpín kò sí.

Ìjọra tí Gauss fi sínú àmì rẹ̀ ló kàn. A lè ro agbo pọ̀ mọ́ agbo. Bí ẹ bá mú ọmọ kan láti agbo 3 àti ọmọ kan láti agbo 5, tí ẹ rò wọ́n pọ̀, agbo kan náà ni àbọ̀ yóò máa bọ́ sí, ẹnikẹ́ni tí ẹ bá mú. 3 àti 5 jẹ́ 8, agbo 1 nìyẹn. 10 àti 19 jẹ́ 29, agbo 1 náà ni. Ìdí ni pé 7 ni ẹ kàn fi ń sún nọ́ńbà síwájú tàbí sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ọmọ agbo, ohun tí ẹ fi 7 sún kò sì lè mú àbọ̀ jáde kúrò nínú agbo tó wà. Ìsọdipúpọ̀ náà ń pa òfin yìí mọ́. Nítorí náà, ní àárín ìṣirò, ẹ lè fi ọmọ agbo tó kéré jù rọ́pò èyí tó tóbi, kí iṣẹ́ lè fúyẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣiṣẹ́. Ọjọ́ wo ni àyájọ́ òmìnira bọ́ sí ní ọdún 2024? Láti 1960 dé 2024 jẹ́ ọdún 64. Ọdún kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ 365, àyàfi àwọn tí oṣù kejì wọn ní ọjọ́ 29. Láàárín àkókò yìí, irú ọdún bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1964, ó parí sí 2024, wọ́n jẹ́ 16. (A kò ka ti 1960 fúnra rẹ̀, torí pé oṣù kejì ọdún náà ti kọjá kí òmìnira tó dé. Ibí yìí gan-an ni àwọn èèyàn ti máa ń ṣìṣe.) Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é tààrà yóò sọ 365 di púpọ̀ ní ọ̀nà 64, yóò ro 16 mọ́ ọn, yóò sì ní 23376. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan. 364 jẹ́ 7 lọ́nà 52, nítorí náà 365 ≡ 1 (mod 7). Ọdún kan kì í ju ìṣísẹ̀ kan lọ lójú ọ̀sẹ̀. Ọdún 64 jẹ́ ìṣísẹ̀ 64, ọjọ́ 16 tó lé jẹ́ ìṣísẹ̀ 16, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 80, 80 sì wà nínú agbo 3. Láti Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìṣísẹ̀ mẹ́ta gbé wa dé Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ náà bọ́ sí lóòótọ́.

Mo ní ìjọra náà tọ̀nà dé ààyè kan. Ẹ wo ìlọ́po. Bí a bá sọ 2 di púpọ̀ mọ́ ara rẹ̀ títí tí 2 yóò fi wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, 256 la máa rí, 256 sì wà nínú agbo 4. Iye ìgbà tí a lo 2 ni 8, ó sì bá 1 tan ní módúlò 7. Ẹni tó bá wá rò pé òun lè fi 1 rọ́pò 8 níbẹ̀, 2 kan ṣoṣo ni yóò ní, agbo 2 ni yóò sì wà. Ìdáhùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ìròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ gbà kí a fi ọmọ agbo kan rọ́pò òmíràn, iye ìlọ́po kò gbà á. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ kò ṣòro: kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé ìṣirò tí ẹ ṣe lórí agbo, ẹ yan ọmọ mìíràn nínú agbo kan náà, kí ẹ tún ìṣirò náà ṣe. Bí àbọ̀ bá yí agbo padà, a jẹ́ pé ẹyọ ọmọ tí ẹ mú ni ìṣirò yín ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe agbo.

Ọ̀nà mìíràn tí nǹkan ń gbà bàjẹ́ wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ẹ̀yìn òdo ló sì ti máa ń jẹyọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìíní ọdún 1914 ni Lugard pa Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀. Láti ọjọ́ náà sí ọjọ́ òmìnira jẹ́ ọjọ́ 17075, nítorí náà nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìkà wa ni −17075. Ká béèrè ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹ̀rọ:

```
-17075 % 7
```

Bí ó bá jẹ́ Python ni ẹ fi kọ ọ́, 5 ni ẹ ó gbà. Bí ó bá jẹ́ C tàbí Java, −2 ni. Irọ́ kọ́ ni ẹnì kankan nínú wọn pa, torí pé 5 bá −2 tan. Ọmọ agbo kan náà ni wọ́n, wọ́n kàn yan aṣojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àmọ́ ẹni tó ti to orúkọ ọjọ́ méje sínú ètò rẹ̀ láti 0 dé 6 kò ní rí orúkọ kankan ní ipò −2, ètò náà lè dákú tàbí kó gbé ohun tí kò yẹ jáde. Èyí tó burú jù ni pé kò ní hàn níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ ọjọ́ iwájú nìkan ni ó ń kà. Ẹni tó bá ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀, kí ó fi ọjọ́ kan tó ṣáájú òdo dán an wò. Àtúnṣe rẹ̀ rèé, tí yóò fún wa ní 5 níbi gbogbo:

```
((-17075 % 7) + 7) % 7
```

Agbo 5 ni Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀ sì ni ọjọ́ náà lóòótọ́.

Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje bá wa nílẹ̀ Yorùbá ni. Èyí tí àwọn baba wa ń kà jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Jàkúta. Módúlò 4 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí bí wọ́n ṣe ń kà á lè ṣi ẹni òde òní lọ́nà. Wọ́n máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n wà gẹ́gẹ́ bí èkíní, nítorí náà bí wọ́n bá ná ọjà lónìí, ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tún ń ná an. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ni à ń pè é, àmọ́ ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ló wà láàárín ìnájà kan àti èkejì. Ẹni tó bá fi 5 ṣe òṣùwọ̀n yóò ti ṣìnà láti ìgbà kejì. Bákan náà ni ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án ṣe jẹ́ ìṣísẹ̀ 8, tí ìtàdógún, tí orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí ọjọ́ 17, sì jẹ́ ìṣísẹ̀ 16. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, 4, 8 àti 16 ló kù, gbogbo wọn ni 4 sì pín láìṣẹ́kù. Ohun tó bá wáyé lọ́jọ́ Ògún, tí ó sì ń padà wá ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ní ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án tàbí ní ìtàdógún, ọjọ́ Ògún ni yóò máa padà wá sí.

Bí a bá gbà pé ìyípo ọlọ́jọ́ mẹ́rin yìí kò já rí, a lè sọ ohun kan nípa àwọn ọjọ́ tí a ti ṣírò. 23376 ṣeé pín sí ọ̀nà 4 láìṣẹ́kù. Òrìṣà yòówù tó ni ọjọ́ òmìnira ní 1960, òun náà ló ni àyájọ́ rẹ̀ ní 2024, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àbámẹ́ta ti di Ìṣẹ́gun. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé a kò nílò láti mọ òrìṣà wo ni. A mọ̀ pé ọjọ́ méjèèjì wà nínú agbo kan, èyí sì dájú kí a tó mọ orúkọ agbo náà.

Ká wá fi ọ̀sẹ̀ méjèèjì ṣe ìbátan kan ṣoṣo: ọjọ́ méjì bá ara wọn tan bí wọ́n bá jẹ́ ọjọ́ òrìṣà kan náà tí wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì dúró, nítorí náà agbo tó dá dúró ni a ó tún rí. Mélòó ni? Ìyàtọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí 4 pín, kí 7 náà sì pín in. Nítorí pé kò sí nọ́ńbà tó ju 1 lọ tó pín 4 àti 7 pọ̀, kò sí ìyàtọ̀ tó lè tẹ́ wọn lọ́rùn àfi èyí tí 28 pín. Agbo 28 ni, èyí túmọ̀ sí pé Ọjọ́ Ajé tó bọ́ sí ọjọ́ Ògún máa ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 28, kò sì sí ọjọ́ òrìṣà kan tí Ọjọ́ Ajé kì í bọ́ sí.

Kì í ṣe gbogbo òṣùwọ̀n méjì ni ẹ lè sọ di púpọ̀ mọ́ ara wọn báyìí. Bí ẹ bá pa ìṣísẹ̀ 4 pọ̀ mọ́ ìṣísẹ̀ 8, agbo 32 kọ́ ni ẹ ó rí, agbo 8 ni. Ohun tí 8 bá ti pín, 4 ti pín in tẹ́lẹ̀, nítorí náà agbo kọ̀ọ̀kan ní módúlò 8 wà nínú agbo kan ṣoṣo ní módúlò 4, agbo kọ̀ọ̀kan ní módúlò 4 sì là sí méjì. Ìlú méjì lè máa ná ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án, kí wọ́n jọ máa ná an lọ́jọ́ Ògún, síbẹ̀ kí ọjà méjèèjì má pàdé láé. Bí ìlú kìíní bá ná tirẹ̀ ní ọjọ́ 0, 8 àti 16, tí ìlú kejì ná tirẹ̀ ní ọjọ́ 4, 12 àti 20, ìyàtọ̀ àárín wọn kì í dín sí 4, 4 kò sì bá 0 tan ní módúlò 8. Alájàpá tó bá ń ná méjèèjì yóò wà ní ìlú kan lọ́jọ́ Ògún yìí, yóò wà ní ìlú kejì lọ́jọ́ Ògún tó tẹ̀ lé e, kò sì ní pàdánù ìnájà kankan.